Kí Iyọ̀ Tó Wọ Ìkòkò

Títí Akínwọlé fi pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, kò dáná rí. Kì í ṣe pé ó gbéraga. Àgbẹ̀ kòkó ni ní Ago Alaye, ìdájí ló ń lọ sóko, tó bá fi máa dé, oúnjẹ á ti wà nílẹ̀. Elizabeth, ìyàwó rẹ̀, ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ààrò mẹ́ta tó wà lẹ́yìnkùlé wọn: ọbẹ̀ lórí ọ̀kan, omi lórí èkejì, iṣu tàbí ẹ̀wà lórí ẹ̀kẹta. Akínwọlé á kàn fọ ọwọ́, á jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ gorí iná àti ohun tó gbẹ̀yìn, kò kàn án.

Nínú oṣù Kìíní, Elizabeth ṣubú lẹ́yìnkùlé náà níbi tó ti ń ṣa igi. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù ní Ore, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, wọ́n ní kó máa padà wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kí wọ́n lè máa bá a na apá àti ẹsẹ̀ náà. Ta ló máa gbé obìnrin tí kò lè fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan mú sórí ọ̀kadà láti Ago Alaye dé Ore lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀? Yínká, ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wá gba yàrá kan fún wọn ní Ore, lẹ́yìn ibi tí àwọn ọkọ̀ Benin ti ń gbé èrò. Ó ra tìmùtìmù, ó ra gáàsì kékeré kan tí ojú iná rẹ̀ wà lórí sílíńdà fúnra rẹ̀, ó ra ìkòkò kan, fláàsì kan àti kúlà kan tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí kó má baà tutù. Lọ́jọ́ kejì ó padà sí Èkó, nítorí iṣẹ́ kò dúró dè é.

Onílé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi dáná nínú ọgbà òun. Àwọn ìkòkò tó wà ní Ago Alaye sì tóbi ju gáàsì yẹn lọ, èéfín ti sọ wọ́n di dúdú. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan nínú wọn lé e, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Owó tó bá sì wọlé, oògùn ló ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ku ojú iná kan, ìkòkò kan, àti ọkùnrin kan tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń se omi ọbẹ̀.

Oúnjẹ àkọ́kọ́ tó sè, púpurú ni, òkèlè tí àwọn ará Oǹdó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, nítorí Elizabeth sọ pé òun ni ọkàn òun ń fẹ́. Ó gbé omi kaná, ó da púpurú sí i, ó rò ó títí ó fi le. Ó bù ú sínú abọ́, ó fọ ìkòkò, ó wá bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀. Kí ó tó gé àlùbọ́sà, kí ata tó hó, kí ẹja tó rọ̀, ó ti lé ní wákàtí kan. Ìgbà tó gbé oúnjẹ síwájú ìyàwó rẹ̀, ọbẹ̀ ń gbóná fẹlifẹli, ṣùgbọ́n púpurú ti dì bíi búlọ́ọ̀kù. Elizabeth gbé òkèlè kan sẹ́nu, kò lè gbé e mì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Akínwọlé kò mọ̀ bóyá òkèlè náà ló fà á tàbí nǹkan mìíràn.

"Bàbá Yínká," Elizabeth sọ, ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́bí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ọ láti orí ìbùsùn. Iná náà wà ní igun yàrá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìbùsùn sì wà ní igun kejì. Ó sọ fún un pé kó tó tan iná rárá, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló máa ń pẹ́ kó tó tutù, kí ló máa ń yára tutù. Ọbẹ̀ máa ń gba ìgbóná pa mọ́ nínú kúlà. Kí ó kọ́kọ́ sè é, kí ó dà á síbẹ̀, kí ó fọ ìkòkò, kí ó wá ro púpurú kẹ́yìn, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀bà ni wọ́n fẹ́ jẹ, omi ni kó kọ́kọ́ sè.

"Kí ló dé tí ìyẹn fi yàtọ̀?" ni Akínwọlé bi í.

"Nítorí ẹ̀bà kò nílò ìkòkò. Omi gbígbóná nìkan ló fẹ́. Ẹ se omi nígbà tí ìkòkò ṣì mọ́, ẹ dà á sínú fláàsì, kẹ́ ẹ wá fi ìkòkò yẹn kan náà se ọbẹ̀. Ẹ ò ní fọ nǹkankan láàárín. Tí ọbẹ̀ bá jinná, omi ṣì wà nínú fláàsì tẹ́ ẹ máa fi tẹ ẹ̀bà."

Akínwọlé rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Ore. "Àṣé ọgbọ́n tí o ń lò nìyí, mo wá rò pé iná mẹ́ta ló ń ṣe é."

Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kó má baà jẹ gáàsì púpọ̀. Ó kọ́ pé tí ẹ̀wà bá rọ̀, kí ó to ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lé e lórí, kí ó dé e, tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá jinná kí ó rẹ́ ẹ̀fọ́ sí i, kí ó pa iná. Ooru inú ìkòkò á se ẹ̀fọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó kọ́ pé ẹyin tí wọ́n bá fọ̀ mọ́ lè bá iṣu jinná nínú omi kan. Lọ́jọ́ ìrẹsì, tí omi bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ó ń fi ewé pọ́n ẹja tútù pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata, á tẹ́ ẹ sórí ìrẹsì, á sì dé e pa títí ìrẹsì àti ẹja á fi jọ jinná. Obìnrin kan tó ń gbé yàrá kejì, Mùínàt, ẹni tó ń ta omi fún àwọn èrò ọkọ̀, rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ máa kọ́ àwa obìnrin o." Inú Akínwọlé dùn.

Ohun tó nira jù ni iyọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ ní ọsibítù pé Elizabeth kò gbọ́dọ̀ jẹ iyọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kúùbù tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀. Akínwọlé sì nìyí, ó ń lọ sóko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti tọ́jú kòkó rẹ̀, kò lè fi oúnjẹ tí kò ní iyọ̀ ṣiṣẹ́ oko. Ìkòkò kan, ẹnu méjì. Elizabeth ló tún yanjú èyí. Kí ó se gbogbo rẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i. Tí ó bá jinná, kí ó kọ́kọ́ bu tòun kúrò. Èyí tó bá kù nínú ìkòkò ni kó fi iyọ̀ sí, kí ó jẹ́ kí ó hó lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ má gbàgbé o," ó ní. "Tí iyọ̀ bá ti wọ ìkòkò, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́."

Akínwọlé kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n Elizabeth kì í jẹun. Á jẹ ṣíbí mẹ́rin, márùn-ún, á ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí oṣù kan àbọ̀ fi pé, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Ní ọsibítù, ẹni tó ń bá a na ẹsẹ̀ sọ pé kò sí agbára tí yóò fi dìde.

Lákòókò yẹn ni Títílọpẹ́, ẹ̀gbọ́n Elizabeth, dé láti Oǹdó. Opó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ní ilé tirẹ̀, ó sì ní ilé ìdáná tó gbòòrò. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wo gáàsì kékeré tó wà ní igun, ó wo ìkòkò.

"Bàbá Yínká, ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ," ó ní. "Mi ò bú yín o. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó."

"Àǹtí, ọsibítù ńkọ́?"

"Ọsibítù wà ní Oǹdó."

Akínwọlé dìde, ó gbé ìkòkò kaná. Ó se ìrẹsì ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹja inú ewé, ó bu ti Elizabeth, ó fi iyọ̀ sí ìyókù, ó bù ú fún àlejò. Títílọpẹ́ jẹ ẹ́ tán, ó sì gbà pé ó dára. Síbẹ̀ ó tún yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Elizabeth, kí ni ìwọ fẹ́?"

Elizabeth wo ọkọ rẹ̀ tó ń fọ ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. "Mo fẹ́ dúró," ló sọ.

Títílọpẹ́ lọ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó ń wọkọ̀, ó di ọwọ́ Akínwọlé mú. "Ẹ rí i pé ó ń jẹun o. Ohun tí mo bẹ̀ yín nìyẹn. Kó ṣáà máa jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn Akínwọlé lọ́jọ́ tó ṣe àṣìṣe. Ó ti Ago Alaye dé, òjò ti pa á lójú ọ̀nà, àwọn èso kòkó ìsàlẹ̀ oko ti ń dúdú nítorí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò tó láti tọ́jú wọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó se àsáró pẹ̀lú iṣu kan ṣoṣo tó kù nílé, ó fi epo, ata àti ẹja gbígbẹ sí i, ó sì mú iyọ̀, ó dà á sí i, ó fọ́ kúùbù kan lé e, ó rò ó pọ̀. Ìgbà tó gbé ìgbakọ sókè láti fi bu ti Elizabeth ló tó rántí.

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ìgbakọ lọ́wọ́. Kò sí iṣu mìíràn. Iná gáàsì ti ń pupa, ó ti fẹ́ tán. Ó ronú pé kí ó dà á nù, kí wọ́n sùn bẹ́ẹ̀. Ó tún ronú pé ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ló lè ṣe é? Ó bù ú.

Elizabeth jẹ ṣíbí kan, ó dúró díẹ̀. Ó jẹ ìkejì. Kò ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi ń fi ṣíbí ha ìdí abọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Iṣu yìí dára," ó ní. "Ṣé ó kù?"

Akínwọlé bu tirẹ̀ sí i.

Bí ó bá mọ sí ọjọ́ yẹn ni, ì bá máà sí ìtàn tí à ń sọ. Ọjọ́ kejì, ó sè é bó ṣe tọ́, ó bu ti Elizabeth láìní iyọ̀, Elizabeth jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó sì kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kẹta, Akínwọlé mú iyọ̀ fín-ín sí ìkòkò kí ó tó bù ú. Díẹ̀ ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí, kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Kì í tilẹ̀ bu ti ẹnikẹ́ni kúrò mọ́, inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹ, bíi ti àtijọ́. Ara Elizabeth sì ń kún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà wá. Ó fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ Benin, ó ń bá Mùínàt ṣàwàdà. Yínká pè láti Èkó, ó ní ohùn màmá òun ti dára. Ta ló máa sọ fún Akínwọlé pé ohun tó ń ṣe kò dára?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọjọ́ tí wọ́n máa ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù pé, wọ́n sì lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ Elizabeth lápá láti wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó tú u, ó tún un wò.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó láràárọ̀."

"Ta ló ń dáná fún yín?"

"Ọkọ mi ni."

"Ṣé kì í fi iyọ̀ sí i?"

Akínwọlé ń wo ilẹ̀.

"Rárá o," ni Elizabeth dáhùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. "Ó máa ń bu tèmi kúrò kó tó fi iyọ̀ sí tirẹ̀. Ojú mi ló máa ń ṣe é. Ẹ má bi í ní nǹkankan."

Nọ́ọ̀sì kọ̀wé, dókítà fi oògùn kún oògùn. Ó ní bí oúnjẹ bá ń tẹ́ lẹ́nu màmá, kí wọ́n máa fi jínjà, àlùbọ́sà púpọ̀ àti ẹ̀fìnrìn sí i, kí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí tí wọ́n bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹnu á gbà á bí ẹni pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Akínwọlé ń mi orí bí aláǹgbá.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sórí ìbùsùn, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Yínká, irọ́ lo pa fún nọ́ọ̀sì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O mọ̀."

"Iná wà níbẹ̀ yẹn, èmi wà níbí. Kí ni mo tún ní láti máa wò látàárọ̀ dalẹ́? Láti ọjọ́ àsáró yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? O ò bá ní kí n dà á nù."

Elizabeth mí kanlẹ̀. "Ebi ń pa mí, Bàbá Yínká. Oúnjẹ wà níwájú mi lójoojúmọ́, ebi sì ń pa mí. Nígbà tẹ́ ẹ gbé ìyẹn wá, mo jẹun bí ènìyàn. Mo wò ó pé tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ò ní ṣe é mọ́."

Akínwọlé fi orí lé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ nǹkankan, ó sunkún. Elizabeth fi ọwọ́ òsì kan orí rẹ̀, kò sì sọ pé kó dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni iyọ̀ ti kúrò nínú ìkòkò náà pátápátá, títí kan ti Akínwọlé fúnra rẹ̀. Ó lọ jínjà, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́, ó gé àlùbọ́sà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi. Nígbà mìíràn Elizabeth á jẹ ìdajì abọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ó ń dára bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹfà, Akínwọlé ti se omi sínú fláàsì, ó ti gbé ọbẹ̀ ilá kaná, ó ń fọ àwo lẹ́nu ọ̀nà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ẹ̀bà ni tàbí púpurú. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó wọlé. Elizabeth ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mùínàt ló sáré wá ọkọ̀. Mùínàt náà ló padà wá pa iná tí ọbẹ̀ ti jó mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò ní ọsibítù kó tó kú. Akínwọlé bi dókítà bóyá iyọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ló pa á. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, sọ pé kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bí kò bá jẹ iyọ̀ rárá, ohun kan náà ni ì bá ṣẹlẹ̀. Akínwọlé ì bá fẹ́ kí ó sọ ọ̀kan fún òun nínú méjèèjì.

Wọ́n sin Elizabeth sí Ago Alaye, lẹ́yìn ìsìn kúkúrú ní ìjọ wọn. Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, tí Yínká lọ sin àwọn tó bá a ti Èkó wá dé ibi ọkọ̀, Akínwọlé pe Títílọpẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àsáró, iyọ̀, irọ́ tí Elizabeth pa fún nọ́ọ̀sì. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Títílọpẹ́ jókòó lórí àpótí, ó ń gbọ́, kò gbé ojú sókè.

Nígbà tí ó sọ ọ́ tán, obìnrin náà gbé ojú sókè.

"Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn," ó ní, "ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun, Àǹtí. Ó jẹ ẹ́ tán lójoojúmọ́."

Títílọpẹ́ mi orí. Ó dìde, ó wọlé lọ kó aṣọ àbúrò rẹ̀ sínú àpò méjì, ó sì gun ọ̀kadà dé Ore lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Akínwọlé ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Kò tíì gbé e.